Orí ń jó, wọ́n wò ó, wọn ò rí nǹkan kan

“Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ọmọ ọdún 37 ni mí. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí àtàrí mi ti ń jó bíi pé wọ́n fi ata rà á. Bí mo bá fọwọ́ kan irun, yóò máa dùn mí láti ìdí rẹ̀ wá. Kò sí egbò, kò sí làpálàpá. Dókítà tí mo lọ bá ní orí mi mọ́ lóló. Ìyá ọkọ mi ní iṣẹ́ ayé ni. Ṣé àìsàn ni lóòótọ́, kí ni mo sì lè ṣe sí i?”

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Oṣù márùn-ún pọ̀ fún ẹni tí orí ń jó. Àìsàn ni lóòótọ́, ó sì ní orúkọ. Tirikodínìà là ń pè é. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju “ìrora irun” lọ. Láti 1960 ni àwọn oníṣègùn awọ ara ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa rẹ̀. Nígbà tó di 1996, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rebora àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Ítálì kọ nípa àwọn obìnrin tí irun wọn ń re, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ní orí ń dun òun bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi kí màmá. Àdúrà wọn kò burú, ẹ ṣe àmín sí i, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wá ibi tí iná yìí ti ń ràn.

Dókítà tó wò yín kò purọ́. Awọ orí ló wò, awọ orí sì mọ́. Ohun tó ń yọ yín lẹ́nu wà lábẹ́ awọ, ojú lásán kò lè rí i. Iṣan ìmọ̀lára tín-tìn-tín wà ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, ó wé e yí ká bí okùn ṣe ń wé ìdí ìgbálẹ̀. Òun ló jẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà lé irun, ẹ ti mọ̀ kó tó kan awọ. Bí nǹkan kan bá ń tọ́ àwọn iṣan wọ̀nyí lójoojúmọ́, wọn á di elékèé: ohun tó yẹ kí wọ́n kà sí fífọwọ́kàn lásán, wọn á ròyìn rẹ̀ fún ọpọlọ bí ìrora. Kóòmù kọjá, ó di abẹ́rẹ́. Atẹ́gùn fẹ́, ó di ata. Wọ́n ń sọ àsọdùn ni, ṣùgbọ́n ìrora tí ẹ̀ ń gbọ́ kì í ṣe àròsọ.

Nítorí náà, ìbéèrè tí èmi máa ń bi ara mi kì í ṣe “kí ló wà lórí awọ yìí?” Ohun tí mo máa ń bèèrè ni “kí ló ń tọ́ iṣan yìí, láti ibo ló sì ti ń tọ́ ọ?” Nínú àwọn obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ibi mẹ́ta ni mo sábà máa ń bá a: irun tí a fà le jù, irun tó ń re, àti ọrùn. Nítorí iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe, ọrùn ni màá sọ̀rọ̀ lé jù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ, nítorí pé àtàrí lẹ ní ó ti ń jó yín.

Àìsàn kan wà tó fẹ́ràn àtàrí obìnrin aláwọ̀ dúdú. Àárín orí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á máa tàn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń pa ihò tí irun ń gbà jáde títí ibẹ̀ á fi di àpá. Níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí lè máa jó tàbí kó máa yún kí ẹnikẹ́ni tó rí nǹkan kan níbẹ̀, èyí ló sì mú kó jọ tirikodínìà. Irun tí àìsàn yìí bá ti pa kì í hù mọ́, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹ gba ti ẹnu mi nìkan. Ẹ jókòó sí ìta ní ọ̀sán, kí ẹnì kan tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá fi ìrù kóòmù la irun àtàrí yín sí méjì, kó sì wo ojú ìlà náà dáadáa. Bí awọ ibẹ̀ bá ń dán tó sì tẹ́jú láìsí ihò irun, bí ìlà náà bá fẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ orí lọ, tàbí bí irun àtàrí bá ń ṣẹ́ kúkúrú kúkúrú nígbà tí ti ìpàkọ́ gùn, ẹ lọ rí oníṣègùn awọ ara láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Yóò fi awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ihò irun náà. Bí kò bá dá a lójú, ó lè pa ojú ibẹ̀ kú kó gé awọ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 4 lọ fún àyẹ̀wò. Bí ihò irun bá pé, tí awọ sì rí bákan náà láti iwájú dé ìpàkọ́, ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí oníṣègùn tó ní awò náà ṣì wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ó kù sí irun fífà. Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n, torí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ṣùkú tí wọ́n fà títí ojú fi gbé sókè, atáṣìmẹ́ǹtì tó wúwo, wíìgì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún mọ́ orí, gèlè tí wọ́n wé láàárọ̀ tí wọn ò tú títí òde fi parí: gbogbo rẹ̀ ló ń fa ìdí irun. Àwa obìnrin ti gbà á pé irun tuntun gbọ́dọ̀ dùn wá lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ká gbé parasitamọ́ọ̀lù mì, ká fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Èmi ò fara mọ́ ọn. Irun tó bá dùn yín lọ́jọ́ tí ẹ dì í ti le jù, ọjọ́ náà ló sì yẹ kí ẹ tú u. Ọ̀nà láti mọ̀ bóyá òun ló fa ti yín rọrùn: ẹ tú irun náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ pín in sí ìdì ńlá mẹ́rin tí kò le, láìsí atáṣìmẹ́ǹtì àti láìsí wíìgì. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ìdì máa ń fà ni ó ń jó, tí ó sì rọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ ti mú olè náà.

Ti irun tó ń re ní àkókò tirẹ̀. Bí obìnrin bá bímọ, bí ibà líle bá ṣe ènìyàn, bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, bí ó bá febi pa ara rẹ̀ kó lè rù, irun púpọ̀ á kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pa pọ̀. Kì í já lọ́jọ́ náà. Oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í re, nígbà tí ènìyàn ti gbàgbé ibà yẹn. Orí àwọn mìíràn máa ń jó ní àsìkò yìí, pàápàá ní àtàrí. Lẹ́yìn àrùn Kòfíìdì, a rí èyí dáadáa. Tí mo bá fẹ́ mọ̀, mo máa ń fi ìka mẹ́ta mú nǹkan bí irun 60 láti ìdí rẹ̀, màá rọra fà á dé ṣóńṣó rẹ̀. Bí ó bá ju 6 lọ tó tẹ̀ lé ọwọ́ mi, irun ń re nìyẹn. (Kí a má tíì fọ orí náà láti ọjọ́ kan ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyẹ̀wò náà á tàn wá.) Irú èyí sábà máa ń dáwọ́ dúró láàárín oṣù mẹ́fà bí ohun tó fà á bá ti kọjá, jíjó orí á sì bá a lọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo máa ń bèèrè fún kò pọ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó àti irin tó wà ní ìpamọ́ nínú ara, fítámì B12, ẹṣẹ́ ọ̀fun táíróìdì, àti ṣúgà. Ẹ má ra oògùn irin mu láìṣe àyẹ̀wò yìí.

Ẹ kò sọ pé irun yín ń re, ẹ kò sì sọ pé irun dídì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹ sọ ni pé iṣẹ́ télọ̀ lẹ̀ ń ṣe, ìyẹn ló mú mi rántí onídìrí kan tí mo tọ́jú ní Ìbàdàn.

Ẹni ọdún 41 ni. Orí ti ń jó o fún oṣù méje nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, láti àtàrí dé ẹ̀yìn etí ọ̀tún. Ó kó àpò ọ̀rá kan wá tí gbogbo ohun tó ti fi pa orí wà nínú rẹ̀: ọṣẹ dúdú, omi àlùbọ́sà nínú ìgò, bámù tó ń ta, oògùn làpálàpá oríṣi méjì, àti tíúbù ìpara kan tí wọ́n tà fún un ní kẹ́míìsì. Mo ka ara tíúbù náà, sitẹ́rọ́ìdì líle ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti ń lò ó láti bí oṣù mẹ́ta. Mo la orí rẹ̀ sí ìlà mẹ́rin, mo fi awò wò ó. Ihò irun pé. Irun mẹ́ta péré ló tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Orí mọ́, bí wọ́n ṣe sọ fún un níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo wá ní kó fi hàn mí bó ṣe ń dirun. Ó fa àga kékeré, ó ní kí ọmọ tó tẹ̀ lé e wá jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún rẹ̀, ó sì tẹ orí kalẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ títí àgbọ̀n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, ó sì yí díẹ̀ sí ọ̀tún kó lè rí ìlà. Mo bi í pé wákàtí mélòó ló ń wà báyìí lójúmọ́. Ó ní tó bá jẹ́ Sátidé, ó lè tó mẹ́wàá. Mo lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ọrùn ti pàdé egungun orí, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó fò sókè. “Dókítà, ibẹ̀ ni! Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sí àtàrí!” Ìka mi kò sì dé àtàrí rẹ̀ rárá.

Bí ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ nìyí. Iṣan ìmọ̀lára tó ń bójú tó ẹ̀yìn orí títí dé àtàrí kì í ṣe ojú ló ti wá. Láti eegun ọrùn lókè lọ́hùn-ún ló ti jáde, ó gba àárín àwọn ẹran ìpàkọ́ kọjá kó tó gun orí. Bí àwọn ẹran yẹn bá le kankan láti àárọ̀ dé alẹ́, wọ́n ń fún iṣan náà lọ́rùn. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Abẹ́ awọ orí wa ní awọ líle kan tó tẹ́ láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ẹran sì dì í mú níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ronú gángan. Ẹni tó ń lù ú kò fọwọ́ kan ojú ìlù nígbà tó ń fún ọṣán mọ́ra, síbẹ̀ ojú ìlù le, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Bí ẹran ìpàkọ́ bá fà, ojú orí náà á le, ìdí irun tó wà lórí rẹ̀ á sì máa kérora.

Ní 2013, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò ìwé ìtọ́jú àwọn ènìyàn 15 tí orí wọn ń jó tàbí tó ń yún láìsí àìsàn awọ. Nínú 15 yẹn, 14 ló ní ìṣòro nínú eegun ọrùn nígbà tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, àárín eegun karùn-ún àti ìkẹfà ló sì pọ̀ jù. Ènìyàn 15 kò pọ̀, kò sì túmọ̀ sí pé ọrùn ló fa ti gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí orí ń jó jáde ní yàrá mi láìjẹ́ pé mo yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Onídìrí yìí ya àwòrán ọrùn, àárín eegun karùn-ún àti ìkẹfà yẹn gan-an ló ti fún pọ̀ díẹ̀.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò kan fún ara yín nílé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé: bí orí ṣe jó tó láàárọ̀ kí ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, àti lálẹ́ nígbà tí ẹ bá dé, kí ẹ fún un ní máàkì láti 0 dé 10. Ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ fi jókòó ti ẹ̀rọ. Bí àárọ̀ bá máa ń jẹ́ 2 tí alẹ́ ń jẹ́ 7, tí ọjọ́ Àìkú tí ẹ kò ránṣọ sì fúyẹ́, ọwọ́ iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ìpàkọ́ yín bí mo ṣe sọ, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí títẹ̀ náà bá ran jíjó sí àtàrí, ọ̀rọ̀ náà ti ń yé wa. Bí ó bá wá jẹ́ pé àárọ̀ àti alẹ́ kò yàtọ̀, tí ọjọ́ ìsinmi pàápàá kò yí i padà, kì í ṣe ọrùn ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀.

Ìtọ́jú ọrùn bẹ̀rẹ̀ láti orí àga. Orí àgbàlagbà wúwo tó nǹkan bíi kílò 5. Bí ó bá gún régé lórí ọrùn, eegun ló ń gbé e. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, ẹran ìpàkọ́ ló ń dì í mú kó má bàa ṣubú. Ẹ gbé tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ yín sókè, kódà kó jẹ́ pátákó lẹ máa fi ti ẹsẹ̀ rẹ̀, títí tí ẹ fi lè rí ojú abẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé àgbọ̀n kan àyà. Gígé aṣọ, orí tábìlì gíga ni kí ẹ ti máa ṣe é ní ìdúró, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Bí ojú yín bá ti ń fà yín sún mọ́ òwú, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú, àwọn ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé awò ojú ni wọ́n nílò, ọrùn ló ń jìyà rẹ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, ẹ dìde. Irọ̀rí kan ṣoṣo tó bá èjìká dọ́gba tó yín lálẹ́.

Eré ìmárale méjì ni mo fún onídìrí náà. Àkọ́kọ́: ẹ jókòó gúnlẹ̀, ẹ máa wo iwájú, kí ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn láìgbé e sókè tàbí sílẹ̀, bí ẹni tí nǹkan ń rùn sí tó fa ojú sẹ́yìn. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà 10, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìkejì: ẹ rọra tẹ etí ọ̀tún sí èjìká ọ̀tún láìgbé èjìká sókè, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ẹ ṣe ti òsì náà, nígbà mẹ́ta mẹ́ta. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ pé ẹran ń nà, kò gbọ́dọ̀ dùn yín. Lálẹ́, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ìpàkọ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má jẹ́ kí báábà tàbí ẹnikẹ́ni lọ́ ọrùn yín kó dún. Bí ọwọ́ yín bá ń kú tìpìrì, bí kò bá lágbára láti di sísọ́ọ̀sì mú, tàbí bí ẹsẹ̀ yín bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá ń rìn, ẹ dáwọ́ eré yìí dúró kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Ní ti orí fúnra rẹ̀, ohun tí ẹ máa dáwọ́ rẹ̀ dúró ju ohun tí ẹ máa fi pa á lọ. Omi àlùbọ́sà àti ata ilẹ̀ ń ta awọ, bámù náà bẹ́ẹ̀. Eérú ló wà nínú ọṣẹ dúdú, ó sì le fún awọ tó ti ń jó, pàápàá bí a bá fi í sílẹ̀ lórí kó “ṣiṣẹ́”. Sitẹ́rọ́ìdì kò wúlò níbi tí kò sí ìwúlé, ńṣe ló ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Rílásà àti dáì, ẹ gbé wọn tì. Ẹ fi omi tí kò gbóná àti ṣanpúù tí kò ní òórùn dídùn fọ orí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ ṣàn án dáadáa. Àdí àgbọn díẹ̀ kò burú. Lásìkò tí jíjó bá le, táwẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi omi tútù rẹ fún ìṣẹ́jú 10 á pẹ̀tù sí i. Ẹ má gbé yìnyín lé e.

Mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan kan, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú. Ṣé ẹ ń sùn? Ṣé ẹ ń jẹun? Ṣé ohun kan wà tó gba ọkàn yín lóṣù márùn-ún yìí? Kì í ṣe nítorí mo rò pé ẹ ń ya wèrè. Àwa Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ pé ìbànújẹ́ ń gba orí jáde. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákánjúọlá ti Ilé-Ifẹ̀ kọ nípa ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní ọdẹ orí: nǹkan ń rìn nínú orí, etí ń hó, àyà ń já. Púpọ̀ nínú àwọn tó wò ló jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn líle ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ti yín kò jọ ọdẹ orí pátápátá, ìdí irun ló ń dùn yín, kò sí ohun tó ń rìn. Ṣùgbọ́n iṣan tí àníyàn bá ti ń tọ́ máa ń tètè ké, àìsùn sì ń dá kún un. Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ pé ọkàn yín kò balẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́, torí pé ó máa yí ìtọ́jú padà.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá pẹ̀lú gbogbo èyí tí jíjó kò dín kù, oògùn wà. Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ lò ni amitiripitilíìnì, mílígíráàmù 10 lálẹ́. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n fi ṣe é níjọ́sí, ìwọ̀n rẹ̀ fún ìyẹn sì pọ̀ ju èyí lọ fíìfíì. Ní ìwọ̀n kékeré, ariwo iṣan ló ń dín kù. Ní 1998, nígbà tí wọ́n fún obìnrin 11 tó ní irú ìṣòro yín ní oògùn irú èyí ní ìwọ̀n kékeré ní Amẹ́ríkà, ara 9 nínú wọn ló tù tàbí tó yá pátápátá. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ tó sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ó ń gbẹ ẹnu, ó ń fa ìgbẹ́ líle, ó sì lè mú kí ojú wúwo láàárọ̀, èyí tó yẹ kí ẹni tó ń fi ìka sún mọ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mọ̀. Aláìsàn ọkàn, ẹni tó ní gíláákómà, ẹni tí ìtọ̀ ń há, ẹni tó lóyún tàbí tó ń mu oògùn ọpọlọ mìíràn kò gbọ́dọ̀ gbé e mì láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Nítorí náà, ẹ má rà á ní kẹ́míìsì fúnra yín. Bí kò bá bá yín lára mu, gabapẹ́ńtìnì wà, òun náà dókítà ló ń kọ ọ́. Parasitamọ́ọ̀lù kì í sábà ran irú ìrora yìí lọ́wọ́, ẹ má máa gbé e mì lójoojúmọ́ lásán.

Ẹ fi èyí sọ́kàn fún màmá: bí àgbàlagbà tó ti lé ní ọdún 50 bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní orí fífọ́ tuntun, tí kóòmù ń dùn ún lórí, tí àgbọ̀n ń dùn ún bó ṣe ń jẹ ẹran, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, ẹ má kà á sí tirikodínìà. Ó lè jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ orí ló ń wú. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, torí ó ń fọ́ ènìyàn lójú. Kì í wọ́pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n bó bá ṣẹlẹ̀, kì í dúró.

Onídìrí mi gbé àga rẹ̀ sókè, ó sì ra àga gíga fún àwọn oníbàárà rẹ̀, wọn kò jókòó sílẹ̀ mọ́. Ó kó àpò ọ̀rá yẹn dànù. Níwọ̀n ìgbà tó ti ń lo sitẹ́rọ́ìdì pẹ́, mo ní kó fi ọjọ́ sáàárín ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fi í sílẹ̀. Ó ṣe eré ọrùn rẹ̀, ó sì lo amitiripitilíìnì mílígíráàmù 10 lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò rí ìyàtọ̀ tó pọ̀, inú bí i sí mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ìwé rẹ̀ sọ pé 8 ti di 2. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, a dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀, ó fi í sílẹ̀.

Nígbà tó di Oṣù Kejìlá, ó pè mí. Ó ti ń jó padà. Kérésìmesì ti dé, oníbàárà pọ̀, ó ti ń dirun títí di ọ̀gànjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ti gbàgbé eré ọrùn. Mi ò fún un ní oògùn. Mo ní kó gba ọmọ iṣẹ́ kan sí i, kó máa dìde ní gbogbo ìṣẹ́jú 30, kó sì bẹ̀rẹ̀ eré náà padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi rọlẹ̀. Ti yín náà, àǹtí mi, ẹ má dúró de àsìkò aṣọ ẹbí kí ẹ tó gbé tábìlì yẹn sókè.